Omi iyọ̀ wàràkàṣì funfun: báwo ló ṣe yẹ kó lágbára tó, ọjọ́ mélòó ló sì yẹ kó lò nínú rẹ̀?

Àṣàkẹ́ Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo máa ń ra mílíìkì ewúrẹ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan ní Kẹ́ńtì, mo sì fẹ́ máa fi ṣe wàràkàṣì funfun kéékèèké, irú èyí tí àwọn ará Gíríìsì ń pè ní fẹ́tà, tí wọ́n ń rẹ sínú omi iyọ̀ títí tó fi máa gbó. Èyí tí mo ṣe gbẹ̀yìn ti fẹ́ dààmú mi.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Mo gbé mílíìkì náà kaná dé ìwọ̀n 63, mo jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mo sì jẹ́ kó tutù wálẹ̀ sí 32. Mo fi yọ́gọ́ọ̀tì díẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà mo fi rẹ́nẹ́ẹ̀tì sí i. Ó dì dáadáa. Mo gé e, mo dà á sínú aṣọ, mo jẹ́ kí omi rẹ̀ ro fún wákàtí mẹ́fà. Wàràkàṣì náà tó kílò kan àti gíráàmù igba. Mo gé e sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún. Mo po gíráàmù iyọ̀ 60 mọ́ lítà omi ẹ̀rọ kan, mo rẹ ẹ́ sínú rẹ̀, mo sì gbé ìgò náà sínú yàrá tó tutù díẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án tí mo ṣí i, ara rẹ̀ ń yọ̀ bí ilá. Tí mo bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ìka mi á wọlé. Omi iyọ̀ ọ̀hún ti funfun bí omi ògì. Àárín rẹ̀ ṣì dúró, àmọ́ kò dùn, kò kan, iyọ̀ ibẹ̀ náà ò tó. Òórùn rẹ̀ ò burú o. Ṣé iyọ̀ ni kò tó ni, àbí mo ti jẹ́ kó pẹ́ jù? Ṣé mo lè rí eléyìí tún ṣe?

Bàbá Wálé

Ọmọ mi, iyọ̀ ni kò tó, kò sí ohun méjì. Ìwọ̀n tí mo mọ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ni ti ẹyin. Fi ẹyin tútù sínú omi, máa da iyọ̀ sí i, máa rò ó, títí ẹyin náà á fi gbéra nílẹ̀ tó sì máa léfòó. Ìgbà yẹn ni omi iyọ̀ rẹ tó jẹ́ omi iyọ̀. Bí ara rẹ̀ bá tún ń yọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, tún bu iyọ̀ sí i. Iyọ̀ kì í ba nǹkan jẹ́, àìsí rẹ̀ ló ń bà á jẹ́.

Àlàmú Ìṣẹ́yìn

Ẹ kú ìjókòó o. Lójú tèmi, ewé bómubómu tí o fi sí i ló pọ̀ jù. Àwọn ìyá tó ń ti gàá Fúlàní gbé wàrà wá sọ́jà wa níbí kì í fi ju ewé mélòó kan lọ, wọ́n á gún un, wọ́n á sẹ́ omi rẹ̀ sínú mílíìkì lórí iná. Tó bá pọ̀ jù, wàrà á korò. Wọn kì í fi iyọ̀ púpọ̀ sí i rárá. Ìyàwó mi máa ń fi omi wàrà ọ̀hún se é láràárọ̀, a sì ń jẹ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin láìbàjẹ́. Kí ló dé tí o fi fẹ́ rẹ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án? Dín in, kí o jẹ ẹ́.

Àṣàkẹ́ Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Kì í ṣe wàrà ilé ni mo ń ṣe o, mi ò lo bómubómu, rẹ́nẹ́ẹ̀tì ni mo lò. Mo fẹ́ kó gbó ni, kó kan díẹ̀, kó máa rún tí mo bá fọwọ́ fọ́ ọ sórí sàláàdì.

Ìyá Ewúrẹ́

Àṣàkẹ́, kú iṣẹ́. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń ṣe irú wàràkàṣì yìí ní Wéèsì tí mo ń gbé, èyí tí mo sì ti dà nù nítorí ara tó ń yọ̀ kì í ṣe kékeré. Iyọ̀ tí kò tó wà níbẹ̀ lóòótọ́, bí Bàbá Wálé ṣe sọ. Àmọ́ nǹkan mẹ́ta ló pàdé nínú ìgò rẹ, bí o bá tún iyọ̀ nìkan ṣe, méjì yòókù á dúró dè ọ́.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí iyọ̀. Ìwọ rò pé omi iyọ̀ rẹ jẹ́ pásẹ́ǹtì mẹ́fà. Ó súnmọ́ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ tí o pò ó. Ṣùgbọ́n wàràkàṣì tí o kó sínú rẹ̀ kì í ṣe òkúta, ó ju ìdajì rẹ̀ lọ tó jẹ́ omi. Nínú kílò kan àti igba gíráàmù tìrẹ, omi tó wà níbẹ̀ á tó gíráàmù 700. Bí iyọ̀ ṣe ń wọlé ni omi inú rẹ̀ ń jáde wá bá ti ìta, títí tí inú àti ìta á fi dọ́gba. Nítorí náà, kì í ṣe lítà kan ni iyọ̀ 60 rẹ ń bá fínra, gíráàmù omi 1700 ni. Ṣe ìṣirò rẹ̀: ó já sí bíi pásẹ́ǹtì mẹ́ta àbọ̀. Omi tí wàràkàṣì rẹ lò ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú rẹ̀ nìyẹn, mẹ́fà tí o rò lókàn ti lọ.

Omi iyọ̀ tí kò tó nǹkan kì í kàn ṣaláìpa wàràkàṣì mọ́ nìkan, ó máa ń tú u ni. Bí iyọ̀ bá kéré, ara rẹ̀ máa ń fa omi mọ́ra, á wú, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Bí iyọ̀ bá pọ̀, ọ̀rọ̀ yí padà, omi á máa jáde lára rẹ̀, á ki, á le. Nítorí náà, wàràkàṣì kan náà lè yọ̀ bí ilá nínú ìgò kan, kó sì le bí igi nínú òmíràn, mílíìkì kan náà ni.

Ìkejì ni omi ẹ̀rọ tí o lò. Kálísíọ̀mù ló so mílíìkì tó dì pọ̀. Omi lásán kò ní in tó, torí náà kálísíọ̀mù á máa jáde lára wàràkàṣì lọ bá omi, ibi tí ó ti kọ́kọ́ jáde ni awọ ìta, ìyẹn ló fi jẹ́ ìta ló ń yọ̀ tí àárín sì dúró. Bí o bá fi iyọ̀ 100 sínú omi ẹ̀rọ láìsí nǹkan mìíràn, ó ṣeé ṣe kó tún yọ̀, àmọ́ á pẹ́ díẹ̀.

Ìkẹta ni wákàtí mẹ́fà yẹn. Ó yá jù. Mo máa padà wá sórí rẹ̀ lálẹ́ yìí, mo fẹ́ lọ fún àwọn ẹran lónjẹ.

Dípọ̀

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Irú iyọ̀ wo ni Àṣàkẹ́ lò? Mo gbọ́ pé iyọ̀ tó ní áyódíìnì máa ń pa àwọn kòkòrò tó ń mú wàràkàṣì gbó. Tó bá jẹ́ iyọ̀ inú páálí lásán ló lò, ibẹ̀ gan-an ni màá kọ́kọ́ wò.

Àṣàkẹ́ Lọ́ńdọ̀nù

Iyọ̀ òkun ni, kò sí áyódíìnì nínú rẹ̀. Mo yẹ páálí wò.

Akẹ́kọ̀ọ́ Kíprọ́ọ̀sì

Ẹ kú alẹ́ gbogbo ilé. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì ní Kíprọ́ọ̀sì Àríwá, mo ṣiṣẹ́ fún ọdún kan ní ilé kékeré kan tí wọ́n ti ń ṣe hélímù, èyí tí àwọn ará Gúúsù ń pè ní hálúúmì. Ohun tí Ìyá Ewúrẹ́ sọ nípa omi ẹ̀rọ yẹn, mo fojú mi rí i. Ọ̀gá wa kì í fi omi lásán rẹ wàràkàṣì láé. Omi tó ṣẹ́ kù lára mílíìkì lẹ́yìn tó ti dì ni a máa ń gbé kaná, tí a ń yọ èyí tó léfòó, tí a ń sẹ́, tí a ń po iyọ̀ sí. Kálísíọ̀mù ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí náà kò ní máa fà á lára wàràkàṣì. Tó bá ku díẹ̀ kó tó, omi lásán ò gbọdọ̀ kún un o. A máa ń dúró de omi ti ọjọ́ kejì ni.

Ẹ̀gbọ́n Àlàmú, wàrà tiwa súnmọ́ hélímù ju fẹ́tà lọ. Wọ́n máa ń se hélímù nínú omi tirẹ̀ gan-an, ó sì ń gbóná ju 90 lọ. Ìdí nìyẹn tí méjèèjì fi ṣeé dín láìyọ́.

Bàbá Wálé

Gbogbo èyí dára. Àmọ́ mo ṣì ń sọ pé ẹyin ló máa fi mọ̀. Ta ló fẹ́ máa fi ẹ̀rọ ìwọn wọn iyọ̀ nínú ilé ìdáná?

Ìyá Ewúrẹ́

Bàbá Wálé, ẹ kú ọgbọ́n. Ẹyin wúlò, èmi náà ti lò ó. Ẹyin tútù máa ń léfòó nígbà tí iyọ̀ bá tó pásẹ́ǹtì mẹ́wàá sókè. Ṣùgbọ́n ẹyin tó ti pẹ́ ti ní afẹ́fẹ́ nínú, á léfòó kí iyọ̀ tó tó. Ohun tó wá burú jù ni pé bí Àṣàkẹ́ bá ń lo omi tó ro lára mílíìkì, omi yẹn wúwo ju omi lásán lọ tẹ́lẹ̀, ẹyin á gbéra nínú rẹ̀ kí iyọ̀ tó tó bí a ṣe rò. Ìwọn kékeré tí a fi ń wọn ìyẹ̀fun ti tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọn iyọ̀ náà. Ìkúnwọ́ ènìyàn kan yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn, ṣíbí iyọ̀ lẹ́búlẹ́bú sì wúwo ju ṣíbí iyọ̀ oníhóró lọ.

Ọ̀rọ̀ wákàtí mẹ́fà wá kù. Àṣàkẹ́, o ní àárín rẹ̀ kò kan. Yọ́gọ́ọ̀tì tí o fi sí i ni yóò jẹ́ kó kan, àwọn ohun alààyè inú rẹ̀ ló ń jẹ ṣúgà mílíìkì tó sì ń sọ ọ́ di kíkan. Wọ́n nílò àkókò àti ìgbóná díẹ̀. Iyọ̀ máa ń dín iṣẹ́ wọn kù. Bí o bá kó wàràkàṣì sínú omi iyọ̀ kó tó kan tó, o ti dá wọn dúró lẹ́nu iṣẹ́, ṣúgà mílíìkì sì ṣì wà nínú rẹ̀. Ṣúgà yẹn ò ní jókòó lásán. Ìwúkàrà inú afẹ́fẹ́ tó fẹ́ràn iyọ̀ díẹ̀ á bá a níbẹ̀, o sì máa rí ìdérí tó wú, ihò kéékèèké nínú wàràkàṣì àti òórùn bí ti burẹ́dì.

Èmi máa ń jẹ́ kó wà nínú aṣọ àti agbọ̀n fún wákàtí 18 sí 24 nínú ilé ìdáná tí kò gbóná jù, mo ń yí i padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó kéré tán. Mo ń fi ẹ̀rọ wò ó títí tó fi máa sọ̀kalẹ̀ sí pH 4.8 tàbí bẹ́ẹ̀. Bí o kò bá ní ẹ̀rọ, tọ́ ọ wò. Ó gbọ́dọ̀ kan bí yọ́gọ́ọ̀tì kí iyọ̀ tó kàn án. Bó bá ṣì ní adùn mílíìkì lẹ́nu rẹ, dúró.

Mo ti rí ìyàtọ̀ náà lójú méjèèjì. Èyí tó kan kó tó wọ iyọ̀, tí mo bá gé e, ojú ibi tí mo gé náà á funfun, á dán bí ojú àwo, ó sì máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ tí mo bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ létí. Èyí tí kò kan tó máa ń tẹ̀ bí rọ́bà ni, ó ń dún kẹ̀ẹ́kẹ̀ẹ́ lábẹ́ eyín.

Àṣàkẹ́ Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ ṣeun gidigidi, mà. Ó ń dún kẹ̀ẹ́kẹ̀ẹ́ lábẹ́ eyín lóòótọ́! Mo rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Bí mo bá wá fẹ́ ṣe òmíràn, gíráàmù mélòó ni kí n lò? Ọjọ́ mélòó sì ni?

Ìyá Ewúrẹ́

Ká fi kílò kan ṣe é kó lè rọrùn. Kílò kan wàràkàṣì tútù ní bíi gíráàmù omi 580 nínú. O máa lo lítà kan omi tó ro lára mílíìkì rẹ. Fi í sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì kó kan, gbé e kaná dé nǹkan bíi 90, sẹ́ ẹ, jẹ́ kó tutù pátápátá.

Mo máa ń pín iyọ̀ sí ọ̀nà méjì. Gíráàmù 30 ni mo ń fi pa á lára lọ́jọ́ kìíní, gbogbo ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, màá wá tò ó sórí sẹ́ẹ́ fún ọjọ́ kan sí méjì, màá sì máa yí i. Omi á máa kán lára rẹ̀, ara rẹ̀ á sì mú awọ tẹ́ẹ́rẹ́. Gíráàmù 80 ni mo ń pò mọ́ lítà kan ọ̀hún, ibẹ̀ ni mo ń kó o sí. Tí gbogbo rẹ̀ bá dọ́gba, omi inú ìgò á wà ní nǹkan bíi pásẹ́ǹtì mẹ́fà àbọ̀, wàràkàṣì fúnra rẹ̀ á sì ní iyọ̀ tó súnmọ́ pásẹ́ǹtì mẹ́rin, ó lè dín díẹ̀ nítorí èyí tó bá omi kán lọ. Fẹ́tà ọjà sábà máa ń wà ní nǹkan bíi mẹ́ta, nítorí náà tiwa á le díẹ̀ lẹ́nu. Mo fara mọ́ ọn bẹ́ẹ̀ nítorí mo fẹ́ kó pẹ́. Bí o bá fẹ́ kí iyọ̀ rẹ̀ rọlẹ̀, dín èyí tí o fi pa á lára kù, má ṣe dín ti inú omi.

Má sì ṣe kún omi iyọ̀ sí i láìṣírò. Bí o bá po lítà méjì dípò ọ̀kan, pẹ̀lú agbára kan náà, iyọ̀ tí yóò wọ inú wàràkàṣì á pọ̀ sí i. Àwọn ènìyàn máa ń kọ agbára omi iyọ̀ sílẹ̀, wọ́n á sì gbàgbé láti kọ bí omi náà ṣe pọ̀ tó sí wàràkàṣì.

Ní ti ọjọ́, ìnípọn ló ń pinnu rẹ̀, iyọ̀ ò gbọ́ ti ẹni tó ń kánjú. Igun mẹ́rin tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà márùn-ún máa ń gbà tó ọjọ́ mẹ́wàá sí méjìlá kí iyọ̀ tó dọ́gba dé àárín. Bí o bá gé e sí ìdajì ìnípọn yẹn ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe ìdajì ọjọ́ ló máa gbà, ìdá mẹ́rin rẹ̀ ni, bíi ọjọ́ mẹ́ta. Nítorí náà, kéékèèké máa ń yára gba iyọ̀, àmọ́ òun náà ló máa ń yára yọ̀, torí pé awọ rẹ̀ pọ̀ ju inú rẹ̀ lọ. Èmi kì í gé e kéré ju márùn-ún lọ.

Fi í sí ibi tó tutù ní ìwọ̀n 16 sí 18 fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó lè parí kíkan rẹ̀. Lẹ́yìn náà gbé e sínú fíríìjì. Wọn kì í ta fẹ́tà ní Gíríìsì kí ó tó pé oṣù méjì, oṣù méjì yẹn sì ni adùn rẹ̀. Rí i dájú pé omi bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá, ibi tó bá yọrí síta ni èéhù ti máa bẹ̀rẹ̀.

Bàbá Wálé

Mo gbà. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí a kò kúkú fi omi iyọ̀ tó le gan-an rẹ ẹ́, bíi pásẹ́ǹtì ogún, kó má bàjẹ́ títí ọdún á fi yípo?

Akẹ́kọ̀ọ́ Kíprọ́ọ̀sì

Bàbá, a ti gbìyànjú rẹ̀ rí nígbà kan tí ìgbóná pọ̀. Ìta rẹ̀ máa ń dì mọ́ra kíákíá, á le bí ìrèké gbígbẹ, inú á sì ṣì jẹ́ aláìníyọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Bí ó bá wá pẹ́ nínú rẹ̀, omi á jáde lára rẹ̀ títí á fi máa rún bí ìyẹ̀fun, kò sì ní í gbó mọ́, torí pé àwọn tó ń mú un gbó ti dákẹ́. Ó pẹ́ lóòótọ́. Kò sì sẹ́ni tó fẹ́ jẹ ẹ́ láìkọ́kọ́ rẹ ẹ́ sómi.

Ìyá Ewúrẹ́

Òótọ́ ni. Àwọn kan máa ń rì í sínú omi iyọ̀ líle bẹ́ẹ̀ fún wákàtí díẹ̀ péré dípò kí wọ́n fi iyọ̀ pa á lára, wọ́n á sì kó o lọ sínú èyí tó rọlẹ̀. Ìyẹn dára, àmọ́ bí o bá sùn gbàgbé, iyọ̀ ti wọlé ju bó ti yẹ lọ.

Kí n tún fi èyí kún un, Bàbá Wálé, nítorí àwọn tó máa ka ọ̀rọ̀ wa lẹ́yìn. Iyọ̀ kì í pa gbogbo kòkòrò àrùn. Lísítíríà máa ń fara da iyọ̀ tó pọ̀ ju ti ìgò wa lọ, ó sì ń dàgbà nínú fíríìjì. Gbígbé mílíìkì kaná bí Àṣàkẹ́ ti ṣe, àti kíkan tó jinlẹ̀, ni wọ́n ń bá iyọ̀ ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ lo mílíìkì tí kò rí iná, kó má fún aláboyún jẹ.

Àlàmú Ìṣẹ́yìn

Ó ti yé mi báyìí pé kì í ṣe wàrà ni ẹ ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹ ràn mí lọ́wọ́ lórí tèmi. Ọmọ mi obìnrin wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, ó fẹ́ kí n máa fi wàrà ránṣẹ́ sí òun, kó lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣé bí a bá fi iyọ̀ rẹ ẹ́ bí ẹ ti sọ, á gbó bí ti Àṣàkẹ́?

Ìyá Ewúrẹ́

Kò ní í gbó, Bàbá. Wàrà ti rí iná tó pọ̀, iná yẹn ti pa ohun tó lè mú un gbó. Iyọ̀ kò lè ṣe ju kó dá ìbàjẹ́ dúró lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Kíprọ́ọ̀sì

Ẹ̀gbọ́n, màá gbà yín nímọ̀ràn bí a ti ń ṣe hélímù. Ẹ tún un sè nínú omi rẹ̀, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ fi iyọ̀ pa á lára di ọjọ́ kejì. Ẹ wá po iyọ̀ tó tó gíráàmù 120 mọ́ lítà kan omi wàrà tí ẹ ti sè tí ẹ sì ti sẹ́, ẹ kó o sínú ìgò tí ẹ fi omi gbígbóná fọ̀. Ó gbọ́dọ̀ wà nínú fíríìjì o. Wàrà rọ̀ ju hélímù lọ, omi inú rẹ̀ pọ̀, torí náà á ki, á sì kéré sí i. Mi ò tíì ṣe ti wàrà gan-an rí, ti hélímù ni mo mọ̀.

Ìyá Ewúrẹ́

Bí kò bá ní fíríìjì ní ibùgbé rẹ̀, ẹ má ṣe é. Nínú ooru wa nílé, mi ò ní fi ọkàn tán iyọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì lórí nǹkan tí kò kan rárá. Ohun tó jẹ́ kí ti Àṣàkẹ́ pẹ́ ni pé ó kan. Wàrà kò kan.

Àlàmú Ìṣẹ́yìn

Fíríìjì wà, iná ni kì í sábà wà. Ó dáa, màá ṣe ìgò kékeré kan nílé fúnra mi ná, kí n wò ó.

Àṣàkẹ́ Lọ́ńdọ̀nù

Èyí tó ti yọ̀ yẹn ńkọ́, Ìyá Ewúrẹ́? Kí n dà á nù?

Ìyá Ewúrẹ́

Bí òórùn rẹ̀ bá mọ́, tí kò hó, tí kò ní àwọ̀ pupa tàbí dúdú, fi ọ̀bẹ há ìta rẹ̀ kúrò, fi omi iyọ̀ ṣàn án, kó o sínú omi mílíìkì kíkan tuntun, kí iyọ̀ rẹ̀ sì tó gíráàmù 80 fún lítà. Ìta tó ti yọ́ kò ní í padà le, àmọ́ kò ní í yọ̀ síwájú mọ́. Jẹ ẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, má ṣe tọ́jú rẹ̀. Bí o kò bá ní omi mílíìkì, fi kálísíọ̀mù kílóráìdì olómi, èyí tí wọ́n ń tà fún wàràkàṣì, ṣíbí tíì kan sí lítà omi kan, àti ìdajì ṣíbí tíì fínígà funfun. Lo fínígà náà o, nítorí omi iyọ̀ tí kò kan rárá máa ń fa ìyọ̀ bákan náà.

Àṣàkẹ́ Lọ́ńdọ̀nù (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta)

Mo padà dé o. Mo há ti àkọ́kọ́, ìdajì rẹ̀ ló ṣẹ́ kù, a ti jẹ ẹ́ tán.

Mo ṣe tuntun láti ara lítà mílíìkì mẹ́jọ, ó jẹ́ kílò kan ó lé díẹ̀. Mo jẹ́ kí ó wà nínú aṣọ fún wákàtí ogún, ó kan lẹ́nu mi bí yọ́gọ́ọ̀tì gan-an. Mo fi iyọ̀ 30 pa á lára, mo po 80 sínú omi rẹ̀. Mo pín in sí ìgò méjì. Ní ọjọ́ kejìlá mo yọ ẹyọ kan jáde. Ara rẹ̀ gbẹ, ó dán, omi inú ìgò sì mọ́ díẹ̀, ó ní àwọ̀ ewéko fẹ́ẹ́rẹ́. Mo fi ọ̀bẹ gé e, ojú rẹ̀ funfun bí àwo, mo fi àtàǹpàkò tẹ etí rẹ̀, ó fọ́ wómú. Mo tọ́ àárín àti etí wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, iyọ̀ wọn ò yàtọ̀ mọ́.

Bàbá Wálé, mo fi ẹyin wò ó nítorí yín. Lọ́jọ́ tí mo pò ó, ẹyin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbéra. Lọ́jọ́ kejìlá ó rì sísàlẹ̀ pátápátá, wàràkàṣì sì wà dáadáa.

Ohun tó ṣẹ́ kù ni pé iyọ̀ rẹ̀ le fún ọmọ mi. Ó ní òun ò jẹ.

Ìyá Ewúrẹ́

Rẹ èyí tí ọmọ fẹ́ jẹ sínú mílíìkì tútù nínú fíríìjì di òwúrọ̀, iyọ̀ díẹ̀ á jáde. Mílíìkì sàn ju omi lọ, ara rẹ̀ ò ní í yọ́. Èyí tí o máa jẹ lọ́jọ́ yẹn nìkan ni kí o rẹ o, torí pé bí iyọ̀ bá ti kúrò, pípẹ́ ti kúrò.

Dípọ̀

Ọ̀rọ̀ áyódíìnì tí mo béèrè kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Iyọ̀ tó ní i ni gbogbo èyí tí a ń rí rà ní Ìbàdàn níbí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Kíprọ́ọ̀sì

Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, iyọ̀ oníhóró tí kò ní nǹkan kan ni a ń lò, ọ̀gá wa kò sì gbà kí a lo òmíràn.

Ìyá Ewúrẹ́

Èmi ti lo méjèèjì. Omi iyọ̀ tó wá láti inú páálí olẹ́búlẹ́bú kì í mọ́ bọ̀rọ̀, nítorí ohun tí wọ́n fi sí i kó má baà dì. Ní ti adùn àti gbígbó, mi ò rí ìyàtọ̀ kankan, àmọ́ mi ò gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn wò lẹ́ẹ̀kan náà. Dípọ̀, bí o bá ní mílíìkì, ṣe ìgò méjì lọ́jọ́ kan náà, irú iyọ̀ kan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o wá sọ fún wa.

Dípọ̀

Ó dáa mà. Mílíìkì ewúrẹ́ ni mi ò tíì rí rà, màá fi ti màlúù bẹ̀rẹ̀.

Àlàmú Ìṣẹ́yìn

Wàrà tèmi pé ọjọ́ mẹ́sàn-án lónìí nínú omi iyọ̀ rẹ̀. Ó ti ki, ó kéré bí Akẹ́kọ̀ọ́ ti sọ, kò yọ̀, kò sì ní òórùn. Ìyàwó mi dín mẹ́ta nínú rẹ̀ láàárọ̀, ó ní iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ ju èyí tí òun lè fi sínú ọbẹ̀ lọ. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀, nítorí náà mi ò tíì fi ránṣẹ́ sí ọmọ.

Àṣàkẹ́ Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀gbọ́n, ẹ rẹ ẹ́ sínú mílíìkì kí ẹ tó dín in. Ìgò kejì tèmi ti wà nínú fíríìjì, mo kọ déètì sára ìdérí rẹ̀. Mi ò ní ṣí i títí yóò fi pé oṣù méjì.